Lẹ́tà Àtúnyẹ̀wò Owó Oṣù: Bí A Ṣe Ń Béèrè Láìpàṣẹ, Láìbẹ̀bẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá ẹlẹgbẹ́ mi, òwe yìí kò ní kí a má béèrè ohun tó yẹ wá o. Ohun tó ń sọ ni pé ọwọ́ ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ ni obì àti ọfà wà, ọ̀rọ̀ ẹnu wa ni yóò sì pinnu èyí tí yóò fà yọ. Lórí lẹ́tà tí òṣìṣẹ́ fi ń béèrè pé kí wọ́n tún owó oṣù òun yẹ̀ wò, òwe yìí bá a mu rẹ́gí.

Kí ni ó kan àwa akẹ́kọ̀ọ́ nínú rẹ̀? Láìpẹ́, púpọ̀ nínú wa yóò parí ẹ̀kọ́, a ó ṣe agùnbánirọ̀, àwọn kan yóò sì rí iṣẹ́ sí iléeṣẹ́ aládàáni níhìn-ín lókè ọya, láìpadà sílé. Iye tí wọ́n bá kọ́kọ́ pè fún wa ni a ó gbà, nítorí iṣẹ́ kò pọ̀ níta. Nígbà tó bá tó ọdún kan tàbí méjì, iṣẹ́ ti pọ̀ sí i, owó sì wà níbi tó wà. Ìgbà náà ni lẹ́tà yóò dé. Alẹ́ ọjọ́ tí inú bá ń bí wa ni a sì sábà máa ń kọ ọ́. Àlàyé tí mo fẹ́ ṣe níhìn-ín kò ju ọ̀kan lọ: bí a ṣe lè mú lẹ́tà tí a fi ìbínú kọ, kí a tún un kọ kí ó lè dún bí ọ̀rọ̀ ẹni tó mọ iyì iṣẹ́ ara rẹ̀, tí kò sì pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a mọ ibi tí irú lẹ́tà yìí ti ń ṣiṣẹ́. Ní iṣẹ́ ìjọba, inú tábìlì ni owó oṣù wà, ìpele òṣìṣẹ́ ló ń sọ iye tí yóò gbà, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ló sì ń bá ìjọba dúnàádúrà bí a bá fẹ́ yí tábìlì náà padà. Lẹ́tà ẹnì kan ṣoṣo kò lè mi tábìlì yẹn. Iléeṣẹ́ aládàáni ni ọ̀gá ti lè jókòó, kí ó wo iṣẹ́ ẹnì kan, kí ó sì pinnu pé owó rẹ̀ yóò yí padà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa wà.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ọmọbìnrin kan tó ń ṣe akọ̀wé ìṣirò owó ní iléeṣẹ́ kan tó ń ta ohun ìkọ́lé ní Kàdúná. Àpẹẹrẹ ni, àwa ni a sì fi iye owó sí i. Oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024 ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ₦120,000 lóṣù. Iṣẹ́ rẹ̀ nígbà náà ni kí ó máa kọ owó ọjà tí wọ́n bá tà lójúmọ́ sínú ìwé. Ní oṣù kejì ọdún 2025, ẹni tó ń mójú tó sìtọ́ọ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì gbé iṣẹ́ tirẹ̀ náà lé ọmọbìnrin yìí lọ́wọ́, láìfi kọ́bọ̀ kún owó rẹ̀. Nígbà tó di oṣù kẹwàá ọdún náà, ó mú bírò, ó kọ lẹ́tà yìí sí ọ̀gá rẹ̀:

"Ọ̀gá, mo ń kọ̀wé yìí láti sọ fún yín pé owó tí ẹ ń san fún mi kò tó mọ́. Láti ìgbà tí mo ti dé ibí, ẹ kò fi kọ́bọ̀ kan kún un. Gbogbo nǹkan ló ti gbówó lórí, owó ilé àti owó ọkọ̀ ti di ìlọ́po méjì. Iṣẹ́ èèyàn méjì ni mò ń ṣe, bẹ́ẹ̀ ẹni tí ẹ gbà lẹ́yìn mi ń gba owó tó ju tèmi lọ. Ẹ̀tọ́ mi ni kí ẹ fi owó kún owó mi. Ẹ gbọ́dọ̀ wá nǹkan ṣe sí i kí oṣù yìí tó parí, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ mi ò ní fọwọ́ kan iṣẹ́ sìtọ́ọ̀ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi, ẹ ràn mí lọ́wọ́."

Ẹ ó rí i pé kò sí irọ́ kankan nínú lẹ́tà yìí. Ohun tó ṣe é ni pé ó ń pàṣẹ láti ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tó sì kù díẹ̀ kí ó parí, ó dọ̀bálẹ̀. Àṣẹ àti ẹ̀bẹ̀, ọmọ ìyá kan náà ni àwọn méjèèjì. Ẹni tí kò ní ẹ̀rí lọ́wọ́ ló máa ń lo agbára, bí agbára bá sì tán lọ́wọ́ rẹ̀, ẹkún ló kù. Ìbéèrè yàtọ̀ sí àwọn méjèèjì. Ẹni tó ń béèrè gbé ẹ̀rí tí a lè yẹ̀ wò kalẹ̀, ó dárúkọ ohun tó fẹ́, ó sì fi ìpinnu sílẹ̀ fún ẹni tó ni ìpinnu. Níbi tí ẹ̀rí bá ti ṣófo nínú lẹ́tà ni ìbínú ti ń ráyè jókòó. Nítorí náà, títún lẹ́tà kọ kò túmọ̀ sí pé kí a wá ọ̀rọ̀ dídùn rọ́pò ọ̀rọ̀ kíkan. Ẹ̀rí ni kí a wá sí àyè tí ìbínú wà.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ìlà àkọ́kọ́. "Owó tí ẹ ń san fún mi kò tó mọ́." Ta ni gbólóhùn yìí ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀? Ọ̀gá ni. "Ẹ kò fi kọ́bọ̀ kan kún un." Ọ̀gá náà ni. Kí ọ̀gá tó mọ ohun tí wọ́n ń tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ti fi ẹ̀sùn méjì kàn án, ẹni tí a bá sì fi ẹ̀sùn kàn yóò kọ́kọ́ gbèjà ara rẹ̀ ni. Yóò rántí ọjọ́ tí ọmọbìnrin yìí pẹ́ẹ́ dé ibi iṣẹ́, yóò rántí owó tó yá a nígbà tí ara rẹ̀ kò yá. Nígbà tó bá fi máa ka ìlà tó sọ nípa sìtọ́ọ̀, etí rẹ̀ ti di. Ohun tó yẹ kó wà ní ìlà àkọ́kọ́ ni ìbéèrè náà fúnra rẹ̀: kí ni mò ń béèrè, iye wo ni, láti ìgbà wo? Bí ìlà yìí bá mọ́lẹ̀ kedere, kò ní nílò ohùn líle, nítorí ẹni tó mọ ohun tó fẹ́ kì í pariwo.

Iye owó ni ohun tí lẹ́tà àkọ́kọ́ kò dárúkọ rárá. Púpọ̀ nínú wa rò pé ìwà ìtẹríba ni kí a má dárúkọ iye, kí ọ̀gá fúnra rẹ̀ ṣe ohun tó bá wà lọ́kàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí kò ní iye, iṣẹ́ ló ń fún ọ̀gá ṣe. Òun ni yóò ronú, òun ni yóò wádìí, bí ó bá sì fi ₦5,000 kún un, a kò ní lè sọ pé kò dáhùn wa. Ọmọbìnrin wa ní láti mọ iye tí irú iṣẹ́ méjì tó ń ṣe pọ̀ yìí ń mú wọlé níbòmíràn nínú ìlú náà. Yóò bi àwọn tó ń ṣe irú rẹ̀ léèrè ní ibi mẹ́ta ó kéré tán, kì í ṣe ní Èkó tí owó ilé àti owó oúnjẹ ibẹ̀ yàtọ̀. Ká ní wọ́n sọ fún un pé ₦150,000 sí ₦175,000 ni. Bí ó bá wá béèrè ₦160,000, kò wà lókè pátápátá, kò sì wà nísàlẹ̀. Ó wà ní ibi tí a ti lè ṣàlàyé rẹ̀.

Kí ó sì sọ bóyá kí wọ́n tó yọ nǹkan kúrò ni tàbí lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ ọ́ tán. Lábẹ́ òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014, ní iléeṣẹ́ aládàáni tó ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó kéré tán ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń yọ nínú owó òṣìṣẹ́, agbanisíṣẹ́ náà yóò sì fi ìdá 10 ó kéré tán kún un láti inú àpò tirẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ bá ń ro iye tó ń wọ ọwọ́ rẹ̀, tí ọ̀gá sì ń ro iye kí a tó yọ nǹkan, àwọn méjèèjì lè jọ gbà lórí iye kan, kí ìjà tún ṣẹlẹ̀ ní òpin oṣù. Ẹ tún wò ó láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá: bí gbogbo owó oṣù náà bá wà lábẹ́ òfin yìí, ₦40,000 tí ọmọbìnrin wa ń béèrè yóò jẹ́ ₦44,000 fún iléeṣẹ́ lóṣù, ìyẹn ₦528,000 lọ́dún. Ẹni tó bá mọ̀ pé iye tí òun ń béèrè nìyẹn yóò mọ bí ìwọ̀n ẹ̀rí tó yẹ kí òun kó kalẹ̀ ṣe pọ̀ tó.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wo ìdí tó fi béèrè. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ní gbogbo nǹkan ti gbówó lórí. Òótọ́ ni. Láti ìgbà tí wọ́n ti kéde yíyọ owó ìrànwọ́ epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ta ni kò mọ̀ pé owó ọkọ̀ gun òkè? Ṣùgbọ́n ọjà gbówó lórí fún ọ̀gá náà, àti fún gbogbo òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀. Bí ọ̀gá bá gba ìdí yìí lọ́wọ́ ẹnì kan, ó ní láti gbà á lọ́wọ́ gbogbo wọn, nítorí náà kò ní gbà á. Ìdí tó jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo ni lẹ́tà ẹnì kan ṣoṣo lè gbé.

Bákan náà ni ti owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba àpapọ̀ sọ di ₦70,000 ní oṣù keje ọdún 2024. Àwọn kan máa ń kọ ọ́ sínú lẹ́tà wọn bí ẹni pé gbogbo owó oṣù ní orílẹ̀-èdè yìí gbọ́dọ̀ fi ìwọ̀n kan náà gòkè. Òfin yẹn sọ ibi tí agbanisíṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ kọjá ni. Ẹni tó ń gba ₦120,000 ti wà lókè ibẹ̀, òfin náà kò sì sọ ohunkóhun fún un. Bí ó bá dárúkọ rẹ̀, ọ̀gá tó mọ òfin yóò rí i pé ẹ̀rí tí wọ́n kó wá kò dúró, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí ìyókù.

"Iṣẹ́ èèyàn méjì ni mò ń ṣe." Níbí ni ẹ̀rí gan-an wà, ṣùgbọ́n ẹnu lásán ni wọ́n fi sọ ọ́. Kí ni iṣẹ́ àkọ́kọ́? Lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ ló sọ ọ́. Kí ni èkejì? Láti oṣù wo? Kí ló ti tìdí rẹ̀ jáde? Ọmọbìnrin yìí ti ṣe nǹkan kan tí kò fi sínú lẹ́tà rẹ̀ rárá. Nígbà tó gba iṣẹ́ sìtọ́ọ̀, ó rí i pé àwọn oníbàárà kan ti gbé sìmẹ́ǹtì àti irin lọ láti nǹkan bí oṣù méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọn kò sì tíì sanwó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í to orúkọ wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún àwọn tó ń tajà kí wọ́n lè bá wọn sọ̀rọ̀. Gbèsè tó ti ju ọgọ́ta ọjọ́ lọ jẹ́ ₦4,800,000 ní oṣù kẹta ọdún 2025. Nígbà tí oṣù kẹsàn-án fi máa parí, ó ti di ₦1,900,000. Kò rántí kọ ọ́, nítorí inú tó ń bí i ti gba gbogbo àyè.

Ẹ kíyè sí bó ṣe yẹ kó kọ ọ́ o. Kò gbọdọ̀ sọ pé òun mú èrè ₦2,900,000 wá, nítorí kì í ṣe èrè. Owó iléeṣẹ́ ni tẹ́lẹ̀, ó kàn wà lọ́wọ́ oníbàárà ni. Kò sì yẹ kó sọ pé òun nìkan ló gbà á padà, nígbà tó jẹ́ pé àwọn tó ń tajà ló ń lọ bá oníbàárà. Kí ó sọ ohun tí òun ṣe, kí ó sọ iye tó wà tẹ́lẹ̀ àti iye tó kù, kí ó so àkọsílẹ̀ mọ́ ọn, kí ó dákẹ́. Ọ̀gá mọ̀ fúnra rẹ̀ pé owó tó wà níta kò lè ra ọjà. Ẹ̀rí tí a bù mọ́, ọjọ́ tí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò ni yóò dójú ti ẹni tó kó o wá. Ẹ̀rí tó wà ní ìwọ̀n kì í bẹ̀rù àyẹ̀wò.

Ọ̀rọ̀ ẹni tí wọ́n gbà lẹ́yìn rẹ̀, tó ń gba owó jù ú lọ ńkọ́? Báwo ló ṣe mọ̀? Nítorí pé ọ́fíìsì ìṣirò owó ló wà, ó ti rí ìwé owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ló jẹ́ kí ó rí i, ẹni tó sì fi àṣírí tí iṣẹ́ fi hàn án jà fún ara rẹ̀ ti fi hàn pé a kò lè fi àṣírí pa mọ́ sí òun lọ́wọ́. Ìlà kan ṣoṣo yìí lè ba gbogbo ohun rere tó kù nínú lẹ́tà náà jẹ́. Kódà fún ẹni tí kò sí ní ọ́fíìsì yẹn, fífi akẹgbẹ́ wéra ń sọ ìbéèrè di ẹjọ́. Iye tí wọ́n ń san níta fún irú iṣẹ́ náà ló yẹ kó rọ́pò rẹ̀.

Ó wá ku ìparí: "Ẹ gbọ́dọ̀", "kí oṣù yìí tó parí", "láìjẹ́ bẹ́ẹ̀". Ìhàlẹ̀ ni wọ́n. Bí ọ̀gá bá ní kí ó fi iṣẹ́ sìtọ́ọ̀ sílẹ̀ lóòótọ́ ńkọ́? Ẹ̀rí tó lágbára jù lọ lọ́wọ́ rẹ̀ ló ju nù yẹn. Àwọn àgbà ní ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a fi agbára mú ní í ń le koko. Dípò gbèdéke, kí ó dá ọjọ́ tí wọ́n lè jọ jókòó sọ̀rọ̀, kí ó sì sọ ìdí tí ọjọ́ náà fi dára. Púpọ̀ nínú àwọn iléeṣẹ́ ló máa ń ṣètò ìnáwó ọdún tuntun ní oṣù díẹ̀ tó gbẹ̀yìn ọdún. Lẹ́tà tó bá dé kí ètò yẹn tó parí bá àyè níbẹ̀. Èyí tó bá dé ní oṣù kejì yóò gbọ́ pé a ti pín owó tán. Ní ti "ẹ ṣàánú mi", kí ó yọ ọ́ kúrò pátápátá. Àánú kì í ṣe ìdí tí a fi ń san owó iṣẹ́.

Ẹ wá wo lẹ́tà náà lẹ́yìn tó tún un kọ:

"Ọ̀gá Alákòóso,

Ìbéèrè fún àtúnyẹ̀wò owó oṣù

Mo ń kọ̀wé yìí láti béèrè pé kí ẹ tún owó oṣù mi yẹ̀ wò láti ₦120,000 sí ₦160,000, kí a tó yọ owó ìfẹ̀yìntì àti owó orí, bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2026.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, iṣẹ́ tó wà nínú lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ mi ni kíkọ owó ọjà ojoojúmọ́ sínú ìwé. Láti oṣù kejì ọdún 2025, kíka ọjà inú sìtọ́ọ̀ àti títọ́jú àkọsílẹ̀ rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ mi pẹ̀lú. Mo ń ṣe méjèèjì títí di òní.

Ní oṣù kẹta ọdún 2025, gbèsè oníbàárà tó ti ju ọgọ́ta ọjọ́ lọ jẹ́ ₦4,800,000. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í to orúkọ àwọn tó jẹ gbèsè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún àwọn akẹgbẹ́ mi tó ń tajà. Ní ìparí oṣù kẹsàn-án, gbèsè náà ti dín kù sí ₦1,900,000. Àkọsílẹ̀ oṣù kọ̀ọ̀kan wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí.

Gẹ́gẹ́ bí ìwádìí mi ní ibi mẹ́ta tó ń ta irú ọjà wa nínú ìlú yìí, ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì pọ̀ ń gba láàárín ₦150,000 àti ₦175,000. Lórí èyí ni mo gbé ₦160,000 kà.

Inú mi yóò dùn bí a bá lè jókòó sọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kọkànlá, tàbí ọjọ́ mìíràn tó bá rọ̀ yín lọ́rùn, kí ètò ìnáwó ọdún tuntun tó parí.

Mo dúpẹ́ fún àkókò yín."

Kò sí "gbọ́dọ̀" kan ṣoṣo níbẹ̀, kò sì sí "ẹ jọ̀ọ́". Síbẹ̀ ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí ọ̀gá kò rí ẹ̀sùn tí yóò fi gbèjà ara rẹ̀. Iṣẹ́ ni yóò yẹ̀ wò, iye ni yóò sì dáhùn. Ohun mìíràn tún ni pé lẹ́tà kì í dúró sí ọwọ́ ẹni tí a kọ ọ́ sí. Ó lè jẹ́ pé ẹni tó ni iléeṣẹ́ ni yóò fọwọ́ sí owó náà, kò sì mọ ọmọbìnrin yìí rí. Lẹ́tà kejì yìí yé àlejò. Ti àkọ́kọ́ kò lè yé ẹnikẹ́ni bí kò ṣe ẹni tó mọ ìjà tó wà nílẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá kọ tiyín tán, ẹ fi ọwọ́ bo ìlà àkọ́kọ́ tó ní iye nínú, kí ẹ fún ọ̀rẹ́ tí kò mọ iṣẹ́ yín ní ìyókù kà. Bí ó bá lè sọ fúnra rẹ̀ pé iṣẹ́ yìí ti ju owó tó wà nílẹ̀ lọ, ẹ̀rí yín dúró. Bí ó bá ní, "Ó dà bíi pé inú ń bí ọ," ẹ padà sórí tábìlì.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a ó fi kọ lẹ́tà yìí ní ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́, pàápàá ní ibi tí ọ̀gá kì í ti í ṣe ọmọ Yorùbá, ewu kan sì wà níbẹ̀ fún àwa tí a ń ronú ní Yorùbá. Nínú èdè wa, "mo fẹ́ kí ẹ" kò le létí, nítorí "ẹ" yẹn ti kúnlẹ̀ fún wa. Gẹ̀ẹ́sì kò ní "ẹ". Bí a bá túmọ̀ gbólóhùn náà ní tààrà, ọ̀wọ̀ inú rẹ̀ yóò bọ́ sọ́nà, àṣẹ nìkan ni yóò dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá. Àwọn kan mọ èyí, wọ́n sì gbìyànjú láti dá ọ̀wọ̀ náà padà nípa fífi "Sà" parí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, tàbí nípa sísọ ní ìlà mẹ́ta pé tìrẹ̀lẹ̀-tìrẹ̀lẹ̀ ni àwọn fi ń kọ̀wé. Ìyẹn tún ti lọ sínú kòtò kejì, ti ẹ̀bẹ̀. Kí a pe ọ̀gá bó ṣe yẹ lẹ́ẹ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀, kí a dúpẹ́ lẹ́ẹ̀kan ní ìparí. Láàárín méjèèjì, kí ọ̀rọ̀ ìṣe wa jẹ́ èyí tó túmọ̀ sí pé a ń béèrè, kì í ṣe pé a ń fẹ́ tàbí pé a ń retí.

Ṣé ìgbà kan wà tó yẹ kí ohùn le? Ó wà. Bí iléeṣẹ́ bá jẹ wá ní owó oṣù tí a ti ṣiṣẹ́ rẹ̀, tàbí bí lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ bá ti sọ pé owó yóò yí padà lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, tí oṣù mẹ́fà sì ti kọjá, kì í ṣe àtúnyẹ̀wò là ń béèrè mọ́. Gbèsè ni. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà "ẹ̀tọ́" ti ní àyè tirẹ̀, gbèdéke náà sì tọ̀nà. Ohun tó ń ba lẹ́tà jẹ́ ni pé kí a da méjèèjì pọ̀ sínú ìwé kan. Bí iléeṣẹ́ bá jẹ wá ní gbèsè, kí a kọ lẹ́tà gbèsè lọ́tọ̀, kí a sì gba owó náà kí a tó kọ ti àtúnyẹ̀wò. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kí a máa pa lápálápá.

Lẹ́tà tó dára kò ní kí ọ̀gá má kọ̀ o. Bí ó bá dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ọjọ́ ìjókòó ni kí a béèrè, kì í ṣe owó. Bí ó bá pe iye tó kéré sí ti wa, tí a sì gbà á, kí a bẹ̀ ẹ́ kí ó kọ iye náà àti oṣù tí yóò bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, nítorí ìlérí ẹnu máa ń gbàgbé ara rẹ̀. Bí ó bá ní kò sówó, ìbéèrè méjì ló kù: kí ni òun fẹ́ rí nínú iṣẹ́ wa kí ọ̀rọ̀ yìí tó tún wáyé, oṣù wo ni a sì lè padà wá sọ ọ́? Ìdáhùn sí ìbéèrè méjèèjì yóò sọ fún ọmọbìnrin wa bóyá kí ó dúró tàbí kí ó máa wá iṣẹ́ mìíràn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ pé yóò lọ, lẹ́tà kejì yẹn kò ní di ohun tí wọn yóò fi bà á lórúkọ jẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹyin lohùn, èyí tí a kọ sórí ìwé, fáìlì ni yóò máa gbé.